Lẹ́tà Mi sí Ìyá Ìbejì Nípa Ọdún Iléyá

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó síbí, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, mo kí yín o. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àsàlámù àlékùmù. Ẹ̀yin Kristẹni, àlàáfíà Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín. Ẹni tí n kò bá dárúkọ ẹ̀sìn rẹ̀, kó má bínú, òrùlé kan náà ló bo gbogbo wa mọ́lẹ̀ lónìí.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọdún Iléyá tó ń bọ̀. Èmi kì í ṣe ààfáà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yín, ẹ sì mọ̀ bí àwọn olùkọ́ ìṣirò ṣe ń sọ̀rọ̀: a kì í ṣàlàyé, a máa ń ní kí ẹ lọ ṣe é wá látilé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Iléyá èṣí ń bọ̀ lọ́nà, Ìyá Ìbejì tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ Bíbélì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Mo wò ó pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí a ń sọ lórí ìdúró kí aago tó lù, ni mo bá kọ lẹ́tà sí i. Ìyá Ìbejì jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n sì ti gbà kí n kà á fún yín. Bí mo bá ń kà á lọ, tí mo bá rí ibi tó yẹ kí n dúró, màá dúró.

Ẹ gbọ́ lẹ́tà náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ ní, kí ni àwa Mùsùlùmí ń ṣe ọdún rẹ̀ gan-an? Ẹ ní, ṣé ẹ̀jẹ̀ àgbò yẹn ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ wa nù? Ẹ tún ní, báwo ni kí ẹ ṣe máa kí wa tí ẹ kò fi ní ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí ẹ kò sì ní sọ ohun tí ẹ̀rí ọkàn yín kò gbà? Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Àwọn kan ti bá wa ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ìgbà tí irun wọn ti dúdú títí tó fi funfun, wọn ò béèrè rí, ẹran nìkan ni wọ́n ń jẹ."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí mò ń bá wí mọ ara yín.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: kí ni a ń ṣe ọdún rẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì péré ni Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, fi lélẹ̀ fún wa. Nígbà tó dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ará ìlú tí wọ́n ní ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń ṣeré. Ó ní Ọlọ́run ti fi ọjọ́ méjì tó sàn ju ìyẹn lọ rọ́pò wọn fún wọn. Èkíní ni ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, tí a ń ṣe ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó tẹ̀lé Ràmàdáánì. Ìyẹn yé yín dáadáa, nítorí ẹ máa ń rí wa tí ètè wa ń gbẹ. A gbààwẹ̀ oṣù kan, a parí rẹ̀, a yọ̀, a sì yọ sàká oúnjẹ fún aláìní kí a tó kírun kí òun náà lè rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

"Èkejì ni Iléyá, òun ló pọ̀n dandan kí n bá yín sọ, torí ó kan ìtàn tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá nínú kàlẹ́ńdà wa ló máa ń bọ́ sí. Ẹ̀yin ń kà á nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 22. Àwa ń kà á nínú Súrà 37, láti ẹsẹ 102. Ànábì Ìbúráhímù, tí ẹ̀yin ń pè ní Ábúráhámù, lálàá pé òun ń dúńbú ọmọ òun. Àlá àwọn Ànábì kì í ṣe àlá lásán, àṣẹ Ọlọ́run ni.

"Ibi tí ìtàn méjèèjì ti pínyà ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Nínú Bíbélì, bàbá kò sọ fún ọmọ. Wọ́n ń lọ lójú ọ̀nà, ọmọ ló béèrè pé iná rèé, igi rèé, ọ̀dọ́ àgùntàn dà? Bàbá ní Ọlọ́run yóò pèsè. Nínú Kùránì, bàbá ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, 'Ọmọ mi, mo rí i lójú àlá pé mò ń dúńbú rẹ. Wò ó, kí ni o rí sí i?' Ọmọ náà dáhùn pé, 'Bàbá mi, ẹ ṣe ohun tí wọ́n pa yín láṣẹ. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ẹ ó rí mi láàrin àwọn onísùúrù.' Lẹ́yìn èyí ni bàbá wá dojú ọmọ bolẹ̀. Ọlọ́run ké sí i pé ó ti mú àlá náà ṣẹ, Ó sì fi ẹran ńlá kan ra ọmọ náà padà.

"Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni àwọn Mùsùlùmí ń ṣe lọ́jọ́ Iléyá, ẹ sọ fún un pé ènìyàn méjì ni wọ́n ń rántí: bàbá tó gbà, àti ọmọ tó gbà."

Màá dúró níbí. Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ gbọ́? Bàbá béèrè èrò ọmọ! Ìbúráhímù tí Ọlọ́run ti pàṣẹ fún, tí kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè, ó sì ní kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń bi ọmọ léèrè kí a tó mú un kúrò ní iléèwé kan lọ sí òmíràn? Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kì í ṣe òun ni wọ́n pè mí sí.

"Ẹ óò bi mí pé ọmọ wo? Àwọn olùkọ́ kan ti fi ìbéèrè yìí ba oúnjẹ ọ̀sán jẹ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bíbélì dárúkọ Ísáákì. Kùránì kò dárúkọ ọmọ náà rárá ní ibi tí ìtàn náà wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa gbà pé Ìsímáílà ni, ìdí kan sì ni pé lẹ́yìn tí ìtàn náà parí tán ni Súrà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Ìbúráhímù ní ìró ayọ̀ nípa Ìsíákà. Síbẹ̀, láàrin àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ pàápàá, àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé Ìsíákà ni. Àgbà onítumọ̀ Kùránì kan tí wọ́n ń pè ní Tábárì wà lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín jà lórí rẹ̀, ẹ sọ fún un pé àwọn tó kàwé jù ú lọ kò fi ṣe ìjà.

"Nǹkan kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọjọ́ wa tó lè yé yín. Iléyá kò dá dúró, ara iṣẹ́ Hájì ni. Ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, gbogbo àwọn tó lọ sí Mẹ́kà yóò dúró lórí pápá Àráfà títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà nílé máa ń gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí pé ẹ gbé mọínmọín fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú ọdún, mo dúpẹ́, mi ò sì jẹ ẹ́. Ohun tó fà á nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹwàá, àwọn tó wà ní Mínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ́kà yóò sọ òkúta, wọn óò pa ẹran. Àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí kò ní òkúta láti sọ, àmọ́ a ó kírun, a ó sì pa ẹran tiwa."

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò jẹun díẹ̀. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí Iléyá kì í dúró sójú kan. Oṣù òkè ni a fi ń kà á. Oṣù méjìlá tí a fi òṣùpá kà jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ọdún tiyín jẹ́ 365 tàbí 366. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ló ń fi sún wá síwájú lọ́dọọdún. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù Okúdù ni a ṣe é. Ní 2024, ọjọ́ 16. Ní 2025, ọjọ́ 6. Ó ń sún bọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí di 2030, ẹ ó rí i tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan náà, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àti ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ.

Èyí wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn. Ìtúnu Ààwẹ̀, òru kan ṣoṣo ni a fi ń mọ̀ ọ́n: wọ́n rí oṣù lónìí, ọdún di ọ̀la, wọn ò rí i, a gba ààwẹ̀ kan sí i. Torí náà, ẹni tó bá ti kí wa kú ọdún ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n lè bá wa tí a ṣì ń gbààwẹ̀ ní ọ̀la. Kí ó dúró kí Súlútáànù Ṣókótó kéde. Ṣùgbọ́n Iléyá yàtọ̀. Gbàrà tí oṣù kejìlá bá ti lé, a ti mọ ọjọ́ ọdún, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì kù. Kò sí àwíjàre fún ẹni tó bá gbàgbé.

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹ̀jẹ̀ àgbò ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù?

Ìbéèrè yìí gan-an ló mú kí n jókòó kọ lẹ́tà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ibi tí ìbéèrè yín ti wá. Ẹni tó bá dàgbà sínú ìtàn Ìrékọjá, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, tó wá rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń dúńbú àgbò, kí ni ì bá tún rò? Ohun tó rọrùn láti rò ni pé iṣẹ́ kan náà ni ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àgbò Iléyá kì í san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kùránì sọ ọ́ kedere nínú Súrà 22, ẹsẹ 37: ẹran wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn, ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà nínú yín ló ń dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀.

"Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìrònúpìwàdà ló wà fún un. Ènìyàn yóò fi ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, yóò kábàámọ̀, yóò pinnu pé òun kò ní padà sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ló gbà, yóò dá a padà. Ẹni tó jí owó, tó fi ra àgbò, tó pa á, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. A kò ní pẹpẹ tí a ń ta ẹ̀jẹ̀ sí, a kì í fi kan ara, a kì í fi kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, a ó sì da erùpẹ̀ bò ó."

Ìyá Ìbejì wá kọ èsì padà sí mi. Wọ́n ní, tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ló dé tí òfin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹran náà? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn.

"Ìgbọràn ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ìgbọràn sì ní àkókò àti ọ̀nà tirẹ̀. Ọkùnrin kan wà nígbà ayé Ànábì, Abú Búrídà ni wọ́n ń pè é. Ó fẹ́ kí ẹran òun ṣáájú tẹni gbogbo, ó pa á kó tó lọ kírun. Ànábì sọ fún un pé ẹran lásán ló pa, kì í ṣe láyà, ìyẹn ẹran ìjọsìn ọdún. Ẹ wò ó: àgùntàn náà ni, ọ̀bẹ náà ni, orúkọ Ọlọ́run tó pè náà ni. Wákàtí ló yàtọ̀. Nítorí náà ni a kì í fi í pa ẹran ṣáájú ìrun. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, níbi tí púpọ̀ nínú wa ti ń tẹ̀lé ìlànà Ìmáàmù Málíkì, àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, a tilẹ̀ máa ń dúró kí Lẹ́mọ́ọ̀mù kọ́kọ́ pa tirẹ̀ ní Yídì lójú gbogbo ènìyàn. Ìgbà tó bá ti pa tirẹ̀ tán ni baálé kálukú ń lọ pa tilé rẹ̀.

"Ẹran náà sì gbọ́dọ̀ pé. Ànábì ka mẹ́rin tí kò tọ́: èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́ tó hàn gbangba, èyí tí àìsàn rẹ̀ hàn, èyí tó ń tiro gedegbe, àti èyí tó ru débi pé kò sí mùdùnmúdùn nínú egungun rẹ̀. Àgùntàn tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò yẹ, púpọ̀ nínú àwọn ààfáà wa a sì máa fẹ́ kó pé ọdún kan. Ìwo gígùn kò sí lára òfin, ẹwà lásán ni."

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ wà níbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju Ìyá Ìbejì lọ. Ẹ ń lọ sọ́jà ẹran, ìwo ni ẹ ń wò. Àgbò ti wà nínú ọkọ̀ láti òkè Ọya, wọ́n ti tò ó lé ara wọn, ẹsẹ̀ òmíràn ti yẹ̀. Ẹni tó ń tà á ti so ó mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó rìn. Ẹ ní kó tú u. Ẹ jẹ́ kó rìn láàrin àwọn yòókù. Tí àwọn yòókù bá ń lọ, tó ń kẹ́yìn, tó ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó sanra tó. Ẹ la ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo eyín ìsàlẹ̀ níwájú. Tí gbogbo rẹ̀ bá kéré, tó jẹ́ eyín wàrà, ọmọdé ni. Tí méjì tó tóbi bá ti yọ láàrin, ó ti tó. Ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì sàn ju kí ènìyàn ná owó tabua sórí ẹran tí kò bá òfin mu.

Ẹ jẹ́ kí n padà sínú lẹ́tà.

"Nígbà tí a bá fẹ́ pa á, a ó tẹ́ ẹ sí apá òsì, a ó kọjú rẹ̀ sí Kíbùlà, ìyẹn ọ̀nà Mẹ́kà, a ó sọ pé Bísímíláì, Àlláhù Àkúbárù. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú, a kì í sì í pọ́n ọn lójú ẹran, nítorí Ànábì kọ̀ ọ́. Ẹran náà, a ó jẹ níbẹ̀, a ó fi ta àwọn ará àti ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, a ó fún aláìní. A kì í ta awọ rẹ̀, a kì í sì í fi ẹran tàbí awọ san owó iṣẹ́ fún alápatà. Owó ọ̀tọ̀ ni a ń san fún un.

"Ẹni tí kò lágbára àtirà á, kò jẹ gbèsè. Ànábì pa àgbò méjì tó níwo, tó funfun tó dúdú, ó sì pa ọ̀kan ní orúkọ àwọn ìjọ rẹ̀ tí kò lè pa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, màá tún padà sí i tí mo bá dé orí ìkíni.

"Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè bá wa dá owó màlúù tí àwọn kan nínú wa ń dá pọ̀, ènìyàn méje sí màlúù kan. Ìfẹ́ ni ẹ fi béèrè, mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí owó yín wà lọ́wọ́ yín. Ìjọsìn ni ìpín kọ̀ọ̀kan nínú méje náà, ẹni tó ń san án sì ń san án fún ìjọsìn. Láàrin wa pàápàá, Ìmáàmù Málíkì kò gbà kí a dá owó ra ẹran láyà. Àwọn tó ń ṣe é ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Jábírì, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì gbé, pé àwọn àti Ànábì fi màlúù kan jẹ́ ti ènìyàn méje ní Hudáyíbíyà lẹ́bàá Mẹ́kà. Tiyín yóò dé bá yín nílé gẹ́gẹ́ bí ọrẹ, ẹ kò sì ní sanwó ọrẹ.

"Ṣé ẹ lè jẹ ẹ́? Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín àti ẹ̀rí ọkàn yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀, Ọlọ́run tó dá ọ̀run òun ayé ni a pe orúkọ Rẹ̀. Ní tiwa, kò sí ohun tó ní kí a má fún yín. Wọ́n pa àgùntàn nílé Abúdúláì ọmọ Ámúrù, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì gbé. Nígbà tó wọlé, ohun tó ń béèrè ni pé, 'Ṣé ẹ ti fún aládùúgbò wa Júù?' Ó tún un béèrè. Tí ẹ bá fẹ́ràn kí ẹ fọwọ́ ara yín sè é, ẹran tútù ni màá fi ránṣẹ́. Tí ẹ kò bá ní jẹ ẹ́ rárá, ẹ sọ fún mi láìfi bò, ìrẹsì àti mọínmọín yóò wà. Ohun tí mo kórìíra ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rín, kí wọ́n wá gbé e fún ajá."

Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ni mò ń bá wí.

Ìbéèrè kẹta: báwo ni kí ẹ ṣe kí wa?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tó rọrùn jù la dé yìí. Ẹ kí wa bí Yorùbá ṣe ń kí ara wọn. 'Ẹ kú ọdún o. Ẹ kú iyèdún. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.' Ó parí. Ẹ ò tíì sọ ohun kan tó tako ẹ̀sìn yín, ẹ sì ti ṣàdúrà fún mi. Èmi yóò dáhùn pé, 'Àmín o, àwa àti ẹ̀yin. Àṣèyí ṣàmọ́dún.' Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn mọ́ wa nínú jù bẹ́ẹ̀ lè sọ pé, 'Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn.' Mo fẹ́ràn ìyẹn jù gbogbo rẹ̀ lọ. Ìdí ni pé òun gan-an ni àwọn tó bá Ànábì gbé máa ń sọ síra wọn lọ́jọ́ ọdún: Tàkàbàlá Láhù mínnà wa mínkúmù, kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ àwa àti ẹ̀yin. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kò pọn dandan fún yín. Tí ẹ bá sọ pé Íìdì Mùbárákì tàbí Báríkà dè Sálà, inú wa yóò dùn. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, ìkíni yín pé.

"Ẹ má kí wa kú ààwẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ má dẹ́rù bà wá nípa iye ẹran. Ìkíni kan wà tí ó gbajúmọ̀ ní ọ́fíìsì: 'Àgbò mélòó lẹ pa?' Ẹni tó bi mí lè rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ẹni tí kò lágbára. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ti tán kí oṣù tó dé ìdajì, tó ti ń sá fún ojú ọmọ rẹ̀ láti àná, òun lẹ bi ní iye àgbò. Ẹ kí i kú ọdún, kí ẹ máa lọ. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé ẹnì kan pàdánù ẹni rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ kí i kú ọdún, kí ẹ fi 'Ọlọ́run á rọ̀ ọ́ lójú' sí i. Ẹni tó bá wà ní Mẹ́kà, ẹ tẹ̀ ẹ́ láago tàbí kí ẹ kọ̀wé sí i pé kí Ọlọ́run gba Hájì rẹ̀.

"Ẹ lè na ọwọ́ sí Mùsùlùmí kan kó má gbà á, tó bá jẹ́ ọkùnrin tí ẹ̀yin jẹ́ obìnrin. Kì í ṣe ìgbéraga. Àwọn kan nínú wa kì í bọ ọwọ́ pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe ẹbí wọn lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n á gbé ọwọ́ sí àyà. Ẹlòmíràn sì wà tí kì í fẹ́ kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún òun, nítorí ìforíkanlẹ̀ tí a ń ṣe fún Ọlọ́run. Tó bá dá ọmọ yín dúró, kò kọ ìkíni rẹ̀."

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa kọ́ wa ní bí a ṣe ń kíni lọ́dún Iléyá? Kí ni Ojúde Ọba? Ìkíni ọdún ni! Àwọn Mùsùlùmí ìlú yìí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, wọ́n á jáde lọ síwájú Awùjalẹ̀ láti kí i, láti dúpẹ́ pé ó gbà wọ́n láàyè láti máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ti mọ̀. Balógun Kúkù ni orúkọ tí àwọn àgbà sábà máa ń dá tí wọ́n bá ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí, ìdílé àwọn Balógun ń gun ẹṣin bọ̀, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ń jó bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń kírun wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn wọn. Ẹ sọ fún mi, ta ló bi ẹnì kejì ní ẹ̀sìn rẹ̀ kó tó yan aṣọ? Àwọn àgbà ní ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé. Mo fi ń tọ́ Ìyá Ìbejì ni o! Wọ́n ti ní tí mo bá tún pa òwe yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ò ní bá mi máàkì ìwé ìdánwò mọ́.

Ó ku ìparí lẹ́tà náà.

"Ẹ ní ẹ fẹ́ wá kí wa nílé lọ́dún yìí. Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má wá láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ẹ kò ní bá wa. A ó ti wẹ̀, a ó ti wọ aṣọ tó dára jù, a kò ní tíì jẹun, nítorí ẹran láyà ni a fẹ́ fi ṣínu. A ó máa ṣe kábárà, ìyẹn Àlláhù Àkúbárù, lọ sí Yídì, a ó gba ọ̀nà kan lọ, a ó gba ọ̀nà mìíràn bọ̀, bí Ànábì ti ń ṣe. Rákà méjì ni ìrun náà, kò ní ìpè, lẹ́yìn rẹ̀ ni wàásù. Tí a bá dé, ọ̀bẹ àti iná ló kàn. Ìyàwó mi kò ní rí ojú kí àlejò títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ọjọ́ kejì ni kí ẹ wá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kí àwọn ìbejì lè bá àwọn ọmọ mi ṣeré kí ilẹ̀ tó ṣú. Pípa ẹran ṣì ń lọ lọ́wọ́ títí di ọjọ́ kẹta, torí náà ẹ kò pẹ́. Ẹ má ra ohunkóhun. Tí ẹ bá sọ pé ẹ kò lè wá lọ́wọ́ òfo, ọsàn ni kí ẹ rà, nítorí ẹran ti pọ̀ jù nílé wa, àwọn ọmọ kò sì ní rí èso jẹ. Ẹ kí Bàbá Ìbejì fún mi. Èmi ni, àbúrò yín, olùkọ́ ìṣirò."

Lẹ́tà náà nìyẹn. Wọ́n wá, wọ́n ra ọsàn, wọ́n gbé ẹran tútù lọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó gbé ọwọ́ sókè. Àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ béèrè.